Ta Ni Yóò Ra Ata Yín? Ẹ Bi Ẹni Tó Sebẹ̀ Lánàá

Ẹ jẹ́ kí á fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ lọ́sẹ̀ yìí. Mararaba ni wọ́n ń gbé, ìlú tó fara ti Àbújá ní Ìpínlẹ̀ Násáráwá. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé nílé iṣẹ́ ìjọba kan ní Àbújá. Olùkọ́ ni ìyàwó rẹ̀ kí ilé ẹ̀kọ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ tó kógbá wọlé. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kó ₦350,000 jọ, wọ́n sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ òwò ata lílọ̀: tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti sè títí omi rẹ̀ fi gbẹ, tí wọ́n sì ti fi firísà mú dì sínú ọ̀rá. Owó náà kò tó ra firísà ńlá méjì àti jẹnẹrétọ̀, wọ́n bá tọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ ọkọ lọ láti yá ₦400,000.

Ẹgbẹ́ ní kí wọ́n kọ ìwé ètò okòwò wá. Wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó yẹ kí wọ́n ti sọ àwọn tí wọ́n fẹ́ tajà fún, wọ́n kọ ọ́ báyìí pé: "Àwọn oníbàárà wa ni àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 25 sí 45, tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ráyè lọ ata." Akápò ẹgbẹ́ kà á, ó gbójú sókè, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọkọ pé: "Arákùnrin, mélòó nínú àwọn obìnrin yìí lẹ ti bá jókòó sọ̀rọ̀?" Ọkọ kò rí èsì fọ̀. Wọ́n dá ìwé náà padà fún un.

"Bẹ́ẹ̀ ni" tí kò mówó wá

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Tọkọtaya yìí sì ti bèèrè, lọ́nà tiwọn. Kí wọ́n tó kọ ìwé, ìyàwó ti bi obìnrin mẹ́wàá, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan nínú ọgbà ilé tí wọ́n ń gbé, pé: "Bí mo bá ń ta ata lílọ̀, ṣé ẹ máa rà á?" Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ní àwọn á rà á. Àwọn méjì tilẹ̀ gbàdúrà fún un. Orí àdúrà àti "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn ni wọ́n gbé ìwé wọn kà.

Ohun mẹ́ta ló wọ́ nínú ìbéèrè yẹn. Èkíní, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló bi. Ní ilẹ̀ wa, kò bá ìwà ọmọlúàbí mu kí èèyàn wo ojú ẹni tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀, kó ní, "Èmi ò ní í rà á o." Wọ́n fi "bẹ́ẹ̀ ni" wúre fún un ni, wọn kò fi ṣe ìlérí owó. Rob Fitzpatrick, ẹni tó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2013, fi ìyá ẹni ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Bí èèyàn bá bi ìyá rẹ̀ bóyá èrò òun dára, ìyá lè parọ́ nítorí ìfẹ́. Àmọ́ bó bá bi í nípa ohun tí ìyá fúnra rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sí ìdí tí ìyá á fi parọ́.

Èkejì, ọjọ́ iwájú ni ìbéèrè náà ń wò. Gbogbo wa la máa ń dára lọ́jọ́ iwájú: a ó máa tètè sùn, a ó máa tọ́jú owó, a ó máa ra ata ọ̀rẹ́ wa. Ohun tí èèyàn ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, pẹ̀lú owó tó wà nínú àpò rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ni ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé.

Ẹ̀kẹta, ó ti gbé ọjà rẹ̀ síwájú kó tó gbọ́ ohunkóhun. Gbàrà tí ẹni tí à ń bi léèrè bá ti gbọ́ pé ata la fẹ́ tà, ọ̀rọ̀ ata wa ni yóò máa sọ. Kò ní í sọ ti ìyà tó ń jẹ ẹ́ nídìí ọbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìyà yẹn gan-an ni à ń wá.

Àwọn wo, mélòó sì ni?

Nígbà tí tọkọtaya náà tún bẹ̀rẹ̀, wọn kò bi ẹbí, wọn kò bi ọ̀rẹ́, wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni tó bá wọn jọ ń jọ́sìn. Òfin tí wọ́n fi yan èèyàn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni náà gbọ́dọ̀ ti se ọbẹ̀ ata fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Ẹni tí kò sebẹ̀ kò ní ìtàn ọbẹ̀ láti sọ, ohun tó bá rò lọ́kàn ni yóò sọ, èyí tí wọ́n sì ń sá fún nìyẹn.

Wọ́n pín àwọn èèyàn náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní ni àwọn ìyàwó ilé tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Àbújá, àwọn tí wọ́n kọ sínú ìwé àkọ́kọ́. Èkejì ni àwọn tó ń dá gbé, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ẹ̀kẹta ni àwọn ìyá olóúnjẹ. Wọ́n fi àwọn méjì tó kẹ́yìn kún un nítorí pé wọn kò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n rò lọ́kàn nìkan ni wọ́n á lọ wò. Bí ẹ bá bi irú èèyàn kan ṣoṣo, ẹ kò ní í mọ̀ bóyá ẹlòmíì ló nílò ọjà náà jù ú lọ.

Lórí iye èèyàn, ìwádìí kan wà tó kan ilẹ̀ wa gan-an. Ní 2006, Greg Guest àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Ọgọ́ta obìnrin ní Nàìjíríà àti Gánà ni wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lórí ọ̀rọ̀ ìlera. Wọ́n wá yẹ àwọn ìwé náà wò láti mọ ẹni kẹlòó tí wọ́n dé kí ọ̀rọ̀ tuntun tó dẹ́kun. Wọ́n rí i pé nígbà tí wọ́n fi máa dé ẹni kejìlá, ohun tó kù láti gbọ́ kò pọ̀ mọ́, àti pé àwọn kókó tó tóbi jù ti hàn láti orí ẹni mẹ́fà àkọ́kọ́. Èyí rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìgbé ayé àwọn obìnrin náà jọra, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì bi gbogbo wọn. Bí ẹ bá kó ìyàwó ilé, àpọ́n àti ìyá olóúnjẹ pọ̀ mọ́ra wọn, méjìlá kò ní í tó. Ìdí nìyí tí pípín wọn sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi ṣe pàtàkì.

Tọkọtaya yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó ilé mẹ́fà, adágbé márùn-ún àti ìyá olóúnjẹ méjì. Èrò wọn ni pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná jù ni àwọn á tún padà sí, títí wọn kò fi ní í gbọ́ ohun tuntun mọ́.

Ìbéèrè tó ń fa ìtàn yọ

Ìwé kékeré kan ni wọ́n kọ ìbéèrè wọn sí, kò sì ju mẹ́fà lọ. Èkíní ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìgbà tí ẹ sebẹ̀ ata kẹ́yìn. Ọjọ́ wo ni, aago mélòó sì ni?" Èkejì: "Níbo lẹ ti ra ata, ta ló sì lọ̀ ọ́?" Ẹ̀kẹta: "Èló lẹ ná lápapọ̀?" Ẹ̀kẹrin: "Kí ló le jù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?" Ẹ̀karùn-ún: "Kí lẹ ti ṣe rí láti mú un rọrùn?" Ẹ̀kẹfà: "Ìgbà wo lẹ fẹ́ sebẹ̀ kẹ́yìn tí ẹ kò sè é mọ́, kí lẹ wá jẹ?"

Ẹ ó rí i pé kò sí "ṣé ẹ máa" kankan níbẹ̀. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń bèèrè. Ìbéèrè karùn-ún ló níye lórí jù, nítorí pé ẹni tí nǹkan bá ń dùn gidi á ti wá nǹkan ṣe sí i. Bí èèyàn bá ní ata lílọ̀ ń yọ òun lẹ́nu gan-an, tí kò sì tíì gbìyànjú ohunkóhun láti ọdún yìí wá, ẹ̀dùn ọkàn yẹn kò tíì dé àpò owó rẹ̀.

Ìyàwó ló bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ nínú ilé wọn, ọkọ ló bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin sọ̀rọ̀ níbùdókọ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò ní í fẹ́ kí ọkùnrin àjèjì máa wádìí ilé ìdáná wọn. Wọ́n bá ẹni tó gbọ́ Haúsá sọ Haúsá, wọ́n bá ẹni tó ń sọ Pijin sọ Pijin. Wọ́n kọ́kọ́ ń tọrọ àyè: "Àǹtí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìwádìí kékeré kan la ń ṣe lórí bí a ṣe ń sebẹ̀ ládùúgbò yìí. A kò tajà. Ogún ìṣẹ́jú péré ni, ẹ jọ̀ọ́." Wọn kì í lọ bá ìyá olóúnjẹ lásìkò tí èrò bá pọ̀. Wọ́n á ra oúnjẹ, wọ́n á dúró kí ọjà rọlẹ̀.

Èyí tó nira jù fún ìyàwó ni dídákẹ́. Bí obìnrin kan bá ní, "Ata náà kan, hàáà, ẹ jẹ́ n má wulẹ̀ sọ ọ́," ẹnu a máa yún un láti sọ pé òun ti rí ojútùú. Ọkọ bá kọ ọ́ sí orí ìwé ìbéèrè náà gàdàgbà pé: "DÁKẸ́." Bí ó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, onítọ̀hún á fúnra rẹ̀ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ohun tó bá sọ lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló sábà máa ń jẹ́ òótọ́ inú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n gbọ́

Àwọn ìyàwó ilé ló kọ́kọ́ ya wọ́n lẹ́nu. Nínú àwọn mẹ́fà, márùn-ún ló ń lọ sọ́jà ní ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n ń ra ata ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ lọ́jà kí wọ́n tó dé ilé, tí wọ́n sì ń sè é títí omi fi gbẹ. Lílọ̀ rẹ̀ kò ni wọ́n lára, ọ̀nà ilé ni ẹ̀rọ ìlọta wà. Ohun tó ń dùn wọ́n ni iná mànàmáná. Ata tí wọ́n gbé sínú firísà ní Sátidé á ti kan ní Ọjọ́rú. Àwọn mẹ́ta ti wá ọgbọ́n sí i: wọ́n ń fi òróró dín in kó lè pẹ́ sí i.

Ọkàn nínú wọn tiẹ̀ sọ ohun tí kò sẹ́ni tó bi í. Ó ní, "Mo ra ata tí ẹnì kan ti lọ̀ rí. Mi ò mọ irú tòmátì tó lọ̀ síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mi ò bá fojú mi rí tòmátì yẹn, mi ò ní í jẹ ẹ́."

Ìyàwó padà sílé, kò lè sùn. Ọjà tí wọ́n fẹ́ tà ni ata tó dì bíi yìnyín, tí oníbàárà á ra lọ́pọ̀, tí á lọ gbé sínú firísà tirẹ̀. Inú firísà kan náà tí kò ríná ni yóò lọ kan sí. Wọn kò yọ ìyà obìnrin náà kúrò, orúkọ mìíràn ni wọ́n fẹ́ tà á fún un. Ká ní wọ́n ti fi ₦750,000 ra firísà àti jẹnẹrétọ̀ ni, wọn kò bá mọ èyí títí ata fi máa jẹrà sí wọn lọ́rùn.

Àwọn ìyá olóúnjẹ kò gba àkókò. Apẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ra tòmátì, wọ́n ní ẹ̀rọ ìlọta tiwọn, òórọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n sì ń lò ó. Wọn kò nílò ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dá gbé ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Yàrá kan tó ní ilé ìdáná kékeré ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Nínú àwọn márùn-ún, mẹ́rin kò ní fìríìjì rárá. Aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní oríta. Ata wà níbẹ̀ láti rà, àmọ́ ẹlẹ́rọ ìlọta ti tì í. Nígbà tí kò bá sì tíì tì í, kò fẹ́ tan ẹ̀rọ nítorí ata ìkòkò kan. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní, "Tòmátì mẹ́rin ni mo gbé lọ bá a. Ó wò mí bíi pé mo wá ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀." Alẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ búkà ló rà ní ₦1,500, tòmátì náà sì rọ̀ sórí tábìlì títí di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kan ló wá fa ojú ọkọ mọ́ra. Ó ní òun máa ń pe ìyá kan tó ń ta ata lórí fóònù ní ọ̀sán, pé kí ó bá òun lọ ata ìkòkò kan kó tó dilẹ̀, kó sì tọ́jú rẹ̀ de òun. Ó ń fún ìyá náà ní ₦200 lé owó ata àti ti ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni kò polówó ọjà fún un, kò sì sí ẹni tó ní kó san án. Òun fúnra rẹ̀ ti dá ọjà tí kò tíì sí sílẹ̀, ó sì ń sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ irú èyí lẹ́nu ẹnì kan, ẹ fi ìlà pupa sí i lábẹ́.

Wọ́n padà sí oríta, wọ́n wá adágbé méje mìíràn, ó di méjìlá. Láti orí ẹni kẹsàn-án lọ, ohun tí wọ́n ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ń gbọ́. Wọ́n dúró níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ náà

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ti bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń tò ó, nítorí pé bí ilẹ̀ bá mọ́, èèyàn á máa rántí èyí tó wù ú. Ìwé ìdárayá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n lò. Wọ́n fa ìlà sí i: ẹni wo ni, ìgbà tó sebẹ̀ kẹ́yìn, ohun tó le níbẹ̀, ohun tó ṣe sí i, owó tó ná. Ọ̀rọ̀ tí onítọ̀hún fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni wọ́n kọ, wọn kò tún un ṣe. "Ó wò mí bíi pé mo wá ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀" sàn ju "oníbàárà kò gbádùn iṣẹ́ ẹlẹ́rọ" lọ, nítorí pé èkejì kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwọ̀n kékeré ni ìṣòro.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ka iye èèyàn tó sọ ohun kan náà. Iye èèyàn ni wọ́n kà, kì í ṣe iye ìgbà. Ọmọkùnrin kan sọ̀rọ̀ iyọ̀ tí wọ́n ń fi sínú ata nígbà mẹ́fà, ó sì dùn ún létí gbọ́, àmọ́ òun nìkan ló sọ ọ́. Nínú àwọn adágbé méjìlá, mẹ́sàn-án ló sebẹ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn aago méje alẹ́. Mẹ́wàá kò ní fìríìjì tó ṣeé gbára lé. Méje ti pa ọbẹ̀ sísè tì ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ náà, wọ́n lọ ra oúnjẹ. Mẹ́rin ti ń san owó kún owó tàbí kí wọ́n bẹ ẹnì kan láti bá wọn lọ ata pamọ́.

Ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè sọ

Inú ọkọ dùn débi pé ó fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé "ìpín 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn adágbé Mararaba ń sebẹ̀ lẹ́yìn aago méje." Ìyàwó ní kó má ṣe é, ó sì tọ̀nà. Wọn kò ṣa èèyàn méjìlá yẹn lọ́nà tó fi lè dúró fún gbogbo ìlú. Ojú oríta kan ni wọ́n ti rí wọn, ní alẹ́. Ó dájú pé àwọn tó ń sebẹ̀ lálẹ́ ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ń sọ ìdí tí èèyàn fi ń ṣe nǹkan àti bó ṣe ń ṣe é. Kì í sọ iye èèyàn tó ń ṣe é.

Láti mọ iye, wọ́n lọ kà á. Alẹ́ mẹ́ta ni ọkọ fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ oríta láti aago méje sí mẹ́sàn-án, tó ń fa ìlà kan sínú ìwé fún ẹnikẹ́ni tó bá ra ata ìwọ̀n ìkòkò kan. Ó ka 61 ní ọjọ́ Ajé, 54 ní Ọjọ́rú, 70 ní ọjọ́ Ẹtì. Nǹkan bí ọgọ́ta èèyàn ní alẹ́ kan, ní oríta kan. Nọ́ńbà yìí ni ẹgbẹ́ lè rán ẹnikẹ́ni lọ wò bóyá òótọ́ ni.

Ohun kejì ni pé inú oṣù Fẹ́búárì ni wọ́n ṣe ìwádìí náà, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí tòmátì máa ń pọ̀ lọ́jà. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, tí tòmátì wọ́n, ẹni tó ń ra ata ìkòkò kan lè yí padà sí tòmátì inú ọ̀rá tàbí kó dín tòmátì kù kó fi tàtàṣé kún un. Wọ́n kọ èyí sínú ìwé wọn gbangba, wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn á tún bá èèyàn mẹ́fà sọ̀rọ̀ nínú oṣù Júnì.

Ohun kẹta ni pé ìtàn àná kò tíì di owó òní. Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́fà dán an wò. Wọ́n yá ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n lọ ata ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n kó ogún ike sínú kúlà tó ní yìnyín, wọ́n sì dúró ní oríta. Wọ́n to tòmátì tútù irú èyí tí wọ́n lọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Ọ̀rọ̀ obìnrin tó ní òun gbọ́dọ̀ fojú rí tòmátì ló kọ́ wọn. Nínú 120 ike, wọ́n ta 93. Èyí tí ìyàwó kọ sílẹ̀ jù ni pé èèyàn 22 ló padà wá rà lẹ́ẹ̀kejì. Àánú lè mú èèyàn rà lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ẹni tó padà wá nílò rẹ̀ ni.

Ohun tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀kejì

Báyìí ni apá náà ṣe rí nígbà tí wọ́n tún un kọ:

"Oníbàárà wa ni ẹni tó ń dá gbé tàbí tó ń bá ẹnì kan gbé nínú yàrá kan ní àyíká oríta wa, tó ń ti ibi iṣẹ́ dé láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́. Kò ní fìríìjì tó ṣeé gbára lé, nítorí náà ata ìkòkò kan ló ń rà, alẹ́ ọjọ́ náà ló sì ń lò ó. Nígbà tó bá dé, ẹlẹ́rọ ti tì í tàbí kó má fẹ́ lọ ata kékeré. Bí kò bá rí ata lọ̀, oúnjẹ búkà ló ń rà ní nǹkan bí ₦1,500. Búkà yìí ni a ń bá dupò, kì í ṣe ẹlẹ́ran ata mìíràn. Èèyàn 12 irú èyí la bá sọ̀rọ̀. Mẹ́rin nínú wọn ti ń sanwó tàbí bẹ ẹlòmíì láti bá wọn lọ ata pamọ́. Alẹ́ mẹ́ta la fi ka àwọn tó ń ra ata ìkòkò kan: 54 sí 70. Ìyàwó ilé tó ń ra ata ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe oníbàárà wa, bẹ́ẹ̀ ni ìyá olóúnjẹ kì í ṣe é."

Ẹ fi í wé ti àkọ́kọ́. Ti àkọ́kọ́ ní ọjọ́ orí, kò ní aago. Ó ní iṣẹ́, kò ní ibi tí a ti lè rí onítọ̀hún. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kò sì ní ohunkóhun nínú tó bá ẹni tó kọ ọ́ lójijì. Àwọn àmì wọ̀nyí lẹ lè fi mọ àpèjúwe oníbàárà tí wọ́n jókòó sílé rò. Ti ẹ̀ẹ̀kejì kò tilẹ̀ mẹ́nu ba ọjọ́ orí, nítorí pé ẹni ọdún 22 àti ẹni ọdún 50 tó ń dá gbé ló ń bá ẹlẹ́rọ kan náà tó ti tì í pàdé.

Àpèjúwe náà kò dúró sórí ìwé nìkan. Òun ló pinnu pé alẹ́ ni wọ́n á máa tajà, pé oríta ni, pé ìwọ̀n ìkòkò kan ni, pé ata tútù ni kì í ṣe èyí tó dì. Firísà méjì jáde nínú ìṣirò wọn, jẹnẹrétọ̀ jáde pẹ̀lú. Ẹ̀rọ ìlọta kékeré kan, kúlà mẹ́ta, tábìlì àti agboòrùn ló wọlé. Owó tí wọ́n fẹ́ yá wá sílẹ̀ láti ₦400,000 sí ₦120,000.

Nígbà tí ọkọ gbé ìwé náà padà lọ, akápò kò bi í mọ́ pé mélòó ni wọ́n bá jókòó. Ó ṣí i sí ibi tí wọ́n ti kọ iye àwọn tó ń ra ata ní oríta, ó fi ìka sí 54, ó ní, "Ọjọ́rú nìyí. Kí ló fà á tó fi kéré jù?"

Ọkọ ní, "Òjò fẹ́ rọ̀ lọ́jọ́ náà, sà. Mo wà níbẹ̀."